Ìwé Ìhágún Tó Fẹsẹ̀ Múlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ Lè Dòfo ní Lomé

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé Nyékonakpoè máa ń gbà ṣe ìwé ìhágún. Bàbá tàbí ìyá á pe ọmọ tó mọ̀wé jókòó, á sọ bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n pín ohun tí òun ní. Ọmọ á lọ tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà, á gbé e wá, òbí á bọwọ́ lù ú. Wọ́n á wá ènìyàn méjì láti mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn náà á bọwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ìwé á sì wọnú àpótí. Ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ṣakí ni wọ́n ń ṣe, kò sì sí àléébù nínú rẹ̀ ní ọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Lomé, nítorí ilé tó wà ní Lomé, kò níye lórí ju bébà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ohun tó fà á ni pé òfin méjì tí kò bá ara wọn tan la ń gbé láàárín wọn. Òfin ìhágún tí wọ́n ń lò ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ti inú òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1837 jáde. Lójú òfin yẹn, ẹlẹ́rìí ni ọ̀pá tó gbé ìwé ìhágún dúró: ẹni yòówù kó kọ ọ́, ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ yòówù kí wọ́n fi kọ ọ́, ṣáà ti jẹ́ kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀. Òfin Tógò ní tirẹ̀ ti inú Kóòdù Síífì ilẹ̀ Faransé jáde, èyí tó ti wà láti ọdún 1804. Ohun tí òfin yìí gbẹ́kẹ̀ lé ni ọwọ́ olóhun fúnra rẹ̀, tàbí nọ́tẹ̀ẹ̀rì, ìyẹn amòfin tí ìjọba fún láṣẹ àti òǹtẹ̀ láti gba ọ̀rọ̀ ènìyàn sílẹ̀. Bí ẹ bá tún gba Kodjoviakopé kọjá, tí ẹ ré ẹnubodè kọjá sí Aflao, ẹ ti bọ́ sábẹ́ òfin ìhágún Gáńà ti ọdún 1971, tí òun náà ń béèrè ẹlẹ́rìí méjì. Ẹni tó ń gbé àdúgbò yìí lè fi ẹsẹ̀ rin láti inú òfin kan bọ́ sínú òmíràn láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí Lomé ń fẹ́. Oríṣi ìwé ìhágún méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Èkíní ni àfọwọ́kọ. Abala 970 nínú Kóòdù Faransé sọ ohun tó ń mú un dúró ní gbólóhùn kúkurú: kí olóhun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì bọwọ́ lù ú. Ìlànà yẹn náà ni Tógò ń lò. Kò béèrè ẹlẹ́rìí rárá. Kò béèrè òǹtẹ̀, kò béèrè sítáǹbù, kódà ẹ lè kọ ọ́ sórí ewé ìwé ọmọ iléèwé. Ohun tó ń béèrè kò pọ̀, àmọ́ kì í dárí ji ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ "gbogbo rẹ̀" yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìwé tí ọmọ tẹ̀ ní kọ̀ǹpútà ti ń kú. Ìbọwọ́lùwé òbí kò lè gbà á là, orúkọ ẹlẹ́rìí mẹ́wàá kò sì lè gbà á là. Bí ọmọ bá fi báírò kọ ọ́ dípò kọ̀ǹpútà, ọ̀kan náà ni, ọwọ́ ọmọ kì í ṣe ọwọ́ ìyá. Bákan náà ni bí ẹnìkan bá di ọwọ́ aláìsàn mú tó ń fà á lọ lórí bébà, torí ẹni tó ń fa ọwọ́ ló ń kọ̀wé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ kò lè ṣe irú ìwé yìí, bó ti wù kó ní làákàyè tó. Ìka tí a tẹ̀ mọ́ ọn kò lè rọ́pò ọwọ́ tí òfin ní kó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ọjọ́, oṣù àti ọdún ni kí ó pé. Àwọn oníṣòwò wa fẹ́ràn láti kọ ọ̀rọ̀ pàtàkì sórí ìwé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tẹ "Lomé, ọjọ́" sí lókè, tí wọ́n wá fi àlàfo sílẹ̀ kí ènìyàn fi nọ́ńbà dí i. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọmọ olóògbé ti gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù rí, wọ́n ní apá kan nínú ọjọ́ náà kì í ṣe ọwọ́ olóhun ló kọ ọ́. Àwọn adájọ́ ti ń rọ ọwọ́ díẹ̀ lórí irú àṣìṣe yìí, àmọ́ kí ni ẹnikẹ́ni ń wá dé iwájú adájọ́ lórí ohun tí bébà funfun lásán ì bá ti yanjú? Ìdí tí òfin fi ń wá ọjọ́ yéni: bí ìwé méjì bá jáde lẹ́yìn ikú, èyí tó kẹ́yìn ló lè pa èyí tó ṣáájú rẹ́, ọjọ́ náà ló sì tún ń sọ bóyá orí olóhun ṣì pé nígbà tó kọ ọ́. Ìbọwọ́lùwé ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kó wà. Ohun tí ènìyàn bá kọ sábẹ́ ìbọwọ́lùwé lẹ́yìn ìgbà náà, kó tún kọ ọjọ́ sí i, kó sì tún bọwọ́ lù ú.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé èdè Faransé ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ ìwé náà kó tó dúró. Rárá o. Èdè tó bá yé olóhun ni kó fi kọ ọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní ilẹ̀ Faransé dá ẹjọ́ ẹnìkan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìhágún ní èdè Faransé, tó kọ ọjọ́ sí i, tó sì bọwọ́ lù ú, àmọ́ tí kò gbọ́ Faransé. Èdè Jámánì ló ń sọ. Ilé ẹjọ́ ní ìwé tí kò yé ẹni tó kọ ọ́ kò lè jẹ́ ìfẹ́ inú rẹ̀. Ẹjọ́ tí adájọ́ Tógò máa fetí sí nìyẹn, torí gbòǹgbò kan náà ni òfin méjèèjì ti hù. Nítorí náà, ìyá tó mọ Yorùbá kọ, tí kò mọ Faransé, kó má ṣe da àwòṣe tí ọmọ fún un kọ lẹ́tà dé lẹ́tà. Kó fi Yorùbá rẹ̀ kọ ọ́. Ògbufọ̀ tí kóòtù mọ̀ lè túmọ̀ rẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó.

Oríṣi kejì ni ti ọ̀dọ̀ nọ́tẹ̀ẹ̀rì, òun gan-an la sì dámọ̀ràn fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí ẹni tó mọ̀ pé ìjà ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Kóòdù Faransé ní kí nọ́tẹ̀ẹ̀rì méjì gbà á sílẹ̀, tàbí nọ́tẹ̀ẹ̀rì kan pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Olóhun ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, nọ́tẹ̀ẹ̀rì á kọ ọ́ sílẹ̀, á kà á sí i létí, olóhun á sì bọwọ́ lù ú níṣojú gbogbo wọn. Bí kò bá lè bọwọ́ lù ú, kò bàjẹ́, àmọ́ inú ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ pé ó ní òun kò lè bọwọ́ lù ú, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Nọ́tẹ̀ẹ̀rì tó bá gbàgbé gbólóhùn kan yẹn ti ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn ọmọ tó ń wọ́ òbí wọn lọ sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti kọ tán, tí wọ́n ní kí ìyá ṣáà mi orí, kí wọ́n mọ̀ pé mímí orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ta ni ẹlẹ́rìí ibẹ̀? Abala 975 ní kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí a há nǹkan fún, kò gbọdọ̀ jẹ́ mọ̀lẹ́bí tàbí àna ẹni bẹ́ẹ̀ títí dé ìpele kẹrin, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ akọ̀wé nọ́tẹ̀ẹ̀rì náà. Ọkọ àti aya kò sì lè jọ ṣe ẹlẹ́rìí lórí ìwé kan. Ìpele kẹrin yẹn gbòòrò ju bí àwa Yorùbá ṣe máa ń rò lọ, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè tí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọkọ ọmọ, ni òfin ní kí ó jókòó síta.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tí a dá fúnra wa wò ó. Ìyá kan ń ta aṣọ ní Asigamé, ọjà ńlá Lomé. Ó ní ilé kan ní Nyékonakpoè, owó ní báńkì Lomé, àti ilé alájà kan tó kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí ilé Nyékonakpoè jẹ́ ti ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà tó tọ́jú rẹ̀ nígbà àìsàn, kí ti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ti ọmọbìnrin kejì, kí àwọn ọkùnrin pín owó báńkì. Ọmọkùnrin rẹ̀ tẹ ìwé náà ní kọ̀ǹpútà ní Lomé. Ìyá bọwọ́ lù ú ní yàrá rẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì sì bọwọ́ lù ú níṣojú rẹ̀: ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ọjà, àti ọkọ ọmọbìnrin kejì. Ìyá kú. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà?

Ní Lomé, gbogbo rẹ̀ ṣubú. Kì í ṣe àfọwọ́kọ, nọ́tẹ̀ẹ̀rì kò sì sí níbẹ̀. Wọ́n á pín ilé Nyékonakpoè àti owó báńkì bí ẹni pé ìyá kò sọ̀rọ̀ kankan, ọmọbìnrin àgbà á sì dúró sórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, òfin ibẹ̀ wò ó, ó rí i pé ìyá bọwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì tó jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé àwọn náà bọwọ́ lù ú níṣojú rẹ̀. Ìwé dúró. Àmọ́ òfin 1837 ní ohun tí a bá há fún ẹlẹ́rìí, tàbí fún ọkọ tàbí aya ẹlẹ́rìí, ti dòfo. Ọkọ ọmọbìnrin kejì ló ṣe ẹlẹ́rìí. Ìwé wà láàyè, ilé sì bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ìyá fẹ́ fún, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ran ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá kan, ìwé kan, ọmọ méjì tó pàdánù nítorí ìdí méjì tí kò jọra.

Ẹ yí i padà wò. Bó bá jẹ́ pé ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ìwé náà ní Yorùbá, tó kọ ọjọ́ sí i, tó bọwọ́ lù ú, tí kò pe ẹnikẹ́ni, Lomé á gbà á, Ògbómọ̀ṣọ́ á kọ̀ ọ́. Ilé ẹjọ́ Nàìjíríà kì í ṣeré lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Lọ́dún 1944, nínú ẹjọ́ Apatira àti Akanke, ilé ẹjọ́ ní Èkó da ìwé ìhágún Mùsùlùmí kan nù nítorí pé wọn kò ṣe é bí òfin 1837 ṣe là á sílẹ̀. Ohun tí olóògbé ní lọ́kàn kò gbà á là. Àwọn ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ jọ wà lójú kan nígbà tí olóhun ń bọwọ́ lùwé, tàbí nígbà tó ń sọ fún wọn pé ìbọwọ́lùwé òun nìyí. Kí ẹnìkan bọwọ́ lù ú láàárọ̀ kí èkejì wá bọwọ́ lù ú nírọ̀lẹ́, ìyẹn ti tó láti pa á. Kò pọn dandan kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú ìwé. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka níbẹ̀, àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n kà á sí i létí ní èdè rẹ̀, ó sì yé e.

Nǹkan kan wà tí òfin méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí: orí olóhun gbọ́dọ̀ pé lọ́jọ́ tó ṣe ìwé náà. Ẹjọ́ tí gbogbo agbẹjọ́rò Nàìjíríà máa ń tọ́ka sí ni Bánkìsì àti Gúdífẹ́lò, tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1870. Bàbá tí wọ́n ń jà lórí ìwé rẹ̀ ti wọ ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ rí, ó sì gbà gbọ́ pé ọkùnrin kan tó ti kú ń lé òun kiri. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ gba ìwé rẹ̀, torí pé ó mọ̀ pé ìwé ìhágún lòun ń ṣe, ó mọ ohun tí òun ní, ó mọ àwọn tó yẹ kí òun ronú kàn, ìràn tó ń rí kò sì kan bó ṣe pín ogún. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọjọ́ orí àti àìsàn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ènìyàn. Bàbá tó gbàgbé ohun tó jẹ lánàá ṣì lè mọ iye ọmọ àti ilé rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìpín lórí ibùsùn ọsibítù, lábẹ́ oògùn tó ń kun ènìyàn lóorun, ti ṣílẹ̀kùn fún ẹjọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà gan-an kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí àwọn ọmọ sì kúrò nínú yàrá nígbà tó bá ń bá nọ́tẹ̀ẹ̀rì sọ̀rọ̀.

Ibí yìí náà la ti fẹ́ rán àwọn aṣáájú ẹ̀sìn létí ohun kan. Abala 909 nínú Kóòdù Faransé ní dókítà tó tọ́jú ènìyàn nínú àìsàn tó pa á, àti olùṣọ́ àgùntàn tàbí àlùfáà tó dúró tì í nígbà àìsàn náà, kò lè gba ohun tí aláìsàn náà há fún wọn ní àkókò yẹn. Ẹni tó ń gbàdúrà fún aláìsàn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sínú ìwé rẹ̀.

Àṣìṣe kan ṣì kù tí ó ń dùn wá, torí ìfẹ́ ló ń fà á. Tọkọtaya tó ti jọ ṣe òwò láti ìgbà èwe á jókòó, wọ́n á kọ ìwé ìhágún kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì á bọwọ́ lù ú. Kóòdù Faransé kọ̀ ọ́ pátápátá, ní abala 968. Ènìyàn kan, ìwé kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ lè yí ìwé tirẹ̀ padà nígbàkigbà láìgba àṣẹ ẹlòmíràn. Kí ọkọ kọ tirẹ̀, kí aya kọ tirẹ̀, kódà bí ọ̀rọ̀ inú wọn bá jọra.

Kí wá ni ìyá wa tó ń ta aṣọ ì bá ti ṣe? Ìwé méjì. Ọ̀kan ní Lomé, lọ́dọ̀ nọ́tẹ̀ẹ̀rì tàbí àfọwọ́kọ, tó sọ gbangba pé ohun tó wà ní Tógò nìkan ni òun ń sọ̀rọ̀ lé. Èkejì ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì tí ogún náà kò kàn rárá, tó sọ pé ohun tó wà ní Nàìjíríà nìkan ni. Ilẹ̀ àti ilé, òfin ibi tí wọ́n wà ló ń darí wọn. Ẹni tó ṣe ìwé kan ṣoṣo fún ilẹ̀ méjèèjì ti ní kí adájọ́ ìlú kan fi òfin ìlú kejì wo ọ̀rọ̀. Agbẹjọ́rò tó gbọ́n lè borí nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, àmọ́ ẹjọ́ ọdún gbọọrọ ni, owó ogún náà ni wọ́n á sì fi rò ó.

Ẹ kíyè sí gbólóhùn kan nínú ìwé kejì. Àwòṣe tí àwọn lọ́yà Nàìjíríà ń lò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú èyí." Bí ìyá bá bọwọ́ lu ìyẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún yìí, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìwé tó ṣe ní Lomé lọ́dún tó kọjá, láìmọ̀. Gbólóhùn tó yẹ ni: "Mo fagi lé ìwé ìhágún yòówù tí mo ti ṣe ṣáájú lórí ohun ìní mi ní Nàìjíríà, ìwé tí mo ṣe ní Tógò ṣì wà bó ṣe wà." Kí agbẹjọ́rò Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ nípa ìwé Lomé, kí nọ́tẹ̀ẹ̀rì Lomé náà sì gbọ́ nípa ti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìwé tó péye jù lọ kò lè há ohun tí kì í ṣe ti olóhun. Ilé ẹbí ní ìlú wa, ti gbogbo ẹbí ni, bàbá kan kò lè fi kálàmù mú un. Ní ti Tógò, òfin ọdún 1980 fi ogún sábẹ́ àṣà fún ẹni tí kò bá sọ ní gbangba pé òun kọ àṣà sílẹ̀. Òfin ti ọdún 2012 ló yí i padà. Ẹni tó ṣe ètò ogún rẹ̀ nígbà òfin àtijọ́, tí kò tíì tún un wò, kó lọ tún un wò.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Lomé kò pọ̀. Owó ìsìnkú tí wọ́n máa ń dá, kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti pe nọ́tẹ̀ẹ̀rì kan wá sí ìpàdé, kó sọ̀rọ̀ ní Mínà tàbí Faransé, kí ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kó sì dáhùn ìbéèrè àwọn ìyá ọjà. Kí àwọn ọmọ tó ń ta àwòṣe ìwé ìhágún ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ìwé yín sì ti wà nínú àpótí, ẹ gbé e jáde lónìí. Bó bá jẹ́ títẹ̀, tó sì jẹ́ ilé Lomé ló wà nínú rẹ̀, ẹ mú bébà funfun àti kálàmù, kí ẹ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ọwọ́ ara yín, tàbí kí ẹ lọ sọ́dọ̀ nọ́tẹ̀ẹ̀rì.